Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Skáànù Egungun

Ẹ jẹ́ ká mú màmá Yorùbá kan tó ń gbé ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹni ọdún 67, ṣe àpẹẹrẹ. Òjò rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, ẹsẹ̀ màmá yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó na ọwọ́ kó má baà forí gbalẹ̀, ni ọrùn ọwọ́ òsì bá kán. Wọ́n dì í ní píópì ní ilé ìwòsàn, gbogbo ẹbí sì ń dúpẹ́ pé ọwọ́ lásán ni, kì í ṣe ìbàdí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti ẹ̀ka tó ń tọpa àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 50 tí egungun wọn kán: kí màmá wá ṣe skáànù ìbàdí àti ẹ̀yìn. Màmá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní, "Ṣebí ọwọ́ ló kán. Kí ni wọ́n ń wá ní ìbàdí mi?"

Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tó ṣubú láti orí ìdúró, tí kì í ṣe orí àkàbà, tí mọ́tò ò sì kọ lù ú, kò yẹ kí egungun rẹ̀ kán. Bó bá kán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé egungun náà ti fúyẹ́ kó tó di pé ó ṣubú. Ohun tó sì ń sọ egungun ọwọ́ di fífúyẹ́ kì í dúró sí ọwọ́ nìkan. Ọrùn ọwọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kán lára obìnrin tó ti lé ní 50, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ ṣì yá máa ń yára na ọwọ́ bó bá ń ṣubú. Bí ọjọ́ orí bá ti gòkè, ọwọ́ kì í yá tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìbàdí ni wọ́n á fi gbalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi ka ọwọ́ màmá sí ìkìlọ̀ tó wá lásìkò.

Egungun kì í ṣe òkúta. Tọ̀sán-tòru ni ara ń tú u, tó sì ń tún un kọ́. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì kan ń jẹ ibi tó ti gbó, oríṣi mìíràn ń fi tuntun dí ihò náà. Títí a ó fi tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, èyí tí à ń kọ́ máa ń ju èyí tí à ń tú lọ. Lẹ́yìn náà ni ìtúká bẹ̀rẹ̀ sí í borí díẹ̀díẹ̀. Ní ti obìnrin, họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn ló ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun níjàánu. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, họ́mọ̀nù yìí lọ sílẹ̀, ìtúká náà sì le sí i. Láàárín ọdún márùn-ún sí méje lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún egungun rẹ̀ láìní ìrora kankan. Inú egungun ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀pá tín-ín-rín ti dábùú ara wọn bí àwọ̀n. Bí ọ̀pá kan bá ti já, sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ kò rí ibi tí yóò dúró sí láti so ó pọ̀ mọ́. Ẹ̀yìn, ọrùn ọwọ́ àti orí egungun itan ni irú àwọ̀n yìí pọ̀ sí jù, àwọn sì ni wọ́n ń kán jù. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní ọsitiopọrósíìsì.

Skáànù tí màmá ń lọ ṣe ni wọ́n ń pè ní DXA. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sì sí ihò kan tí wọ́n ń ti ènìyàn wọ̀. Orí tábìlì ni èèyàn ń dùbúlẹ̀ sí, apá ẹ̀rọ á rọra kọjá lókè rẹ̀. Ìtànṣán ẹ́ksíréè méjì tí agbára wọn yàtọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń rán gba inú ara kọjá. Bí ẹran ara ṣe ń dí ìtànṣán kìíní àti ìkejì lọ́wọ́ yàtọ̀ sí bí egungun ṣe ń ṣe é, ibi ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ ti ń mọ ohun tó jẹ́ egungun. Ìtànṣán rẹ̀ kéré sí èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán àyà. Òṣìṣẹ́ yóò yí àtẹ́lẹsẹ̀ màmá sínú, yóò sì fi okùn dì í mọ́ pákó kan, kí ọrùn egungun itan lè tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú ẹ̀rọ. Bí ẹsẹ̀ kò bá yí tó, ọrùn náà á kúrú nínú àwòrán, nọ́ńbà rẹ̀ á sì yí padà.

Ohun kan wà tí àwọn obìnrin wa ní láti mọ̀ kí wọ́n tó lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, síìpù yẹ̀rì, owó ẹyọ tí a so mọ́ etí ìró, gbogbo rẹ̀ ló máa ń hàn nínú àwòrán, agbègbè ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti ìbàdí gan-an ni wọ́n sì ń bọ́ sí. Òṣìṣẹ́ tó jẹ́ òyìnbó lè má ronú béèrè nípa ìlẹ̀kẹ̀. Kí ẹ bọ́ ọ sílé. Kí ẹ má sì lo oògùn kálísíọ̀mù láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé oògùn tí kò tíì yọ́ nínú ìfun lè hàn níwájú egungun ẹ̀yìn, kí ẹ̀rọ kà á mọ́ ọn.

Ìwé èsì dé, ọmọ màmá ló kọ́kọ́ kà á. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ wọ̀n gan-an ni gíráàmù ohun líle inú egungun nínú sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Fún ọrùn egungun itan màmá, 0.594 ló kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà yìí nìkan kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi wé ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ara wọn le, ẹni 20 sí 29 ọdún. Ní ibi ọrùn egungun itan, lórí irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò fún màmá, ìpíndọ́gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà jẹ́ 0.858, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra wọn sì jẹ́ 0.120. Ìṣirò náà kò le:

```
T-score = (0.594 - 0.858) / 0.120 = -2.2
```

Lọ́dún 1994, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà lélẹ̀: -1 sókè, egungun dára, láàárín -1 sí -2.5, egungun ti dín, -2.5 sísàlẹ̀, ọsitiopọrósíìsì ni. Ààlà yìí wà fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró àti ọkùnrin tó ti pé 50. A kì í fi í dá ọ̀dọ́ lẹ́jọ́. Nípa ìṣirò tí a ṣe yìí, ọrùn egungun itan màmá dín, ṣùgbọ́n kò tíì kan ààlà.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n yìí jẹ́ aláwọ̀ funfun láti Amẹ́ríkà, òṣùwọ̀n kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì ń lò fún gbogbo ènìyàn. Òtítọ́ ni pé egungun àwa aláwọ̀ dúdú, tí a bá wò ó lápapọ̀, máa ń ki ju tiwọn lọ, kì í sì í kán tó tiwọn. Inú mi kì í dùn sí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń di àwáwí lẹ́nu àwọn kan, tí wọ́n á máa sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ìbàdí rẹ̀ kán kì í tètè rí ìtọ́jú egungun bíi ti aláwọ̀ funfun, àwọn tó sì ń kú lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn. Ewu tó kéré láàárín ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kò dáàbò bo ẹni kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán.

Ní ti ẹ̀yìn, wọ́n kọ -1.6 síbẹ̀. Bí ọmọ màmá bá dúró síbẹ̀, yóò sọ pé ẹ̀yìn sàn ju ìbàdí lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn jẹ́ àpapọ̀ egungun ẹ̀yìn mẹ́rin tó wà ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní L1 títí dé L4, wọ́n sì máa ń to ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ibẹ̀ ló yẹ ká wò. Ti màmá lọ báyìí: L1, -2.3, L2, -2.5, L3, -2.6; L4, +0.4. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jọra. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìkẹrin fò sókè, bí ẹni pé ti ọmọ ogún ọdún ni. Egungun kan kì í dá le láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé oríkèé tó wà níbẹ̀ ti gbó, ara sì ti hu egungun kéékèèké sí etí rẹ̀, irú èyí tó ń fa ẹ̀yìn ríro lára àgbàlagbà. Ẹ̀rọ ka àwọn èyí tó hù yìí mọ́ egungun tó dára. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kọjá níwájú ẹ̀yìn náà lè le bí ẹfun, kí ẹ̀rọ kà á mọ́ ọn pẹ̀lú.

Òfin àwọn tó ń ka èsì yìí ni pé, bí egungun kan bá fi ju ìwọ̀n 1 lọ yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wo àwòrán rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò bó bá jẹ́ pé àbùkù ló gbé e sókè. Méjì ó kéré tán ní láti ṣẹ́ kù. Nígbà tí wọ́n yọ L4 màmá kúrò, ẹ̀yìn rẹ̀ di -2.5. Ó ti kan ààlà. Ìwé kan náà ni, ara kan náà ni, àmọ́ ìdájọ́ ti yí padà. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá gba irú ìwé yìí pé kó má wo àpapọ̀ nìkan, kó béèrè ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Dókítà tó rí màmá kò dúró lórí nọ́ńbà. Ó ní kó bọ́ bàtà, ó wọn bó ṣe ga: mítà 1.58. Ìwé ìwòsàn rẹ̀ ìgbà tó ń bímọ sọ pé 1.63 ni. Ẹni tó bá ti kúrú ju sẹ̀ntímítà mẹ́rin lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rọ DXA náà sì lè ya àwòrán yẹn. Wọ́n yà á. Egungun ẹ̀yìn kan tó wà lókè L1, tí wọ́n ń pè ní T12, ti rún níwájú, ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ ti lọ. Dókítà béèrè bóyá ẹ̀yìn ti dun màmá rí. Ìgbà náà ló wá rántí pé ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó gbé àpò ìrẹsì kékeré kan láti inú mọ́tò, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dùn ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó lo parasitamọ́ọ̀lù, ó fi róòbù pa á, ó lọ. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí iṣẹ́ àgbà.

Bí ọ̀pọ̀ egungun ẹ̀yìn ṣe ń kán nìyẹn. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni kì í dé etí dókítà rárá. Bó bá jẹ́ pé inú L1 sí L4 ni èyí tó rún náà wà, ẹ̀rọ ìbá tún kà á sí egungun tó ki, nítorí pé ohun líle kan náà ti rún pọ̀ sí àyè kékeré. Ẹni tó ní egungun ẹ̀yìn kan tó ti rún wà nínú ewu pé òmíràn yóò rún, ohunkóhun tí T-score rẹ̀ ìbáà jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣírò ewu, tí wọn kì í ka nọ́ńbà skáànù nìkan. Ohun tí wọ́n ń lò jù ni FRAX, tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sheffield gbé jáde lọ́dún 2008. Ó ń béèrè ọjọ́ orí, bí ènìyàn ṣe ga àti bó ṣe wúwo, bóyá egungun rẹ̀ ti kán rí, bóyá ìbàdí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kán, sìgá, ọtí, làkúrègbé tó ń wú oríkèé, àti oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni a ó fi T-score ọrùn egungun itan kún un. Ohun tó ń dá padà ni ìpín nínú ọgọ́rùn-ún: bó ṣe ṣeé ṣe tó kí egungun kán láàárín ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Ọjọ́ orí lágbára púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni ọdún 50 àti ẹni ọdún 80 lè ní T-score kan náà, kí ewu ti àgbàlagbà sì fi ìlọ́po mélòó kan ju ti kékeré lọ. Èyí tó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé, nínú gbogbo àwọn tí egungun wọn ń kán, èyí tó ju ìdajì lọ ni T-score wọn kò tíì dé -2.5, nítorí pé àwọn ló pọ̀ jù láwùjọ.

FRAX náà ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Kò béèrè iye ìgbà tí ènìyàn ti ṣubú lọ́dún tó kọjá. Ó béèrè bóyá ènìyàn ń lo sitẹ́rọ́ọ̀dù, kò béèrè bó ṣe pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kàn wá gidigidi. Ọ̀pọ̀ ló ń ra oògùn orúnkún àti ẹ̀yìn nílé, láti ọwọ́ ẹni tí kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé purẹdinísólóònù tàbí dẹ́sámẹ́tásóònù ló ń mú kí ìrora náà fò lọ lójú ẹsẹ̀. Purẹdinísólóònù tó tó mílígíráàmù márùn-ún lóòjọ́, fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó láti ba egungun jẹ́. Bí ojú bá ń wú róbótó nígbà tí ara ń yá lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀, ká mú paali rẹ̀ lọ fún dókítà, kí á sì má dá a dúró lójijì fúnra wa, nítorí pé ìyẹn náà léwu.

Ẹ̀jẹ̀ màmá ni wọ́n tún yẹ̀ wò kí wọ́n tó pinnu. Wọ́n wo kálísíọ̀mù, fítámì D, kíndìnrín àti táírọ́ìdì. Wọ́n sì wá jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun tí wọ́n ń pè ní máyẹ́lómà, torí pé òun náà lè fọ́ egungun ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń gbẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi róòbù nìkan tọ́jú rẹ̀.

Nígbà yìí ni màmá bínú díẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni mi ò lo kálísíọ̀mù? Mo ti ń lò ó bọ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì." Ó yẹ kó rí àlàyé gbà. Ìwádìí mélòó kan ló sọ ibi tí oògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1992, wọ́n fún àwọn màmá arúgbó tó ń gbé ilé ìtọ́jú, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 84, ní kálísíọ̀mù mílígíráàmù 1,200 àti fítámì D ẹyọ 800 lóòjọ́. Ìbàdí tó ń kán láàárín wọn dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí VITAL tí èsì egungun rẹ̀ jáde lọ́dún 2022, tó kó ènìyàn tó lé ní 25,000 jọ, àwọn tí ara wọn le lo fítámì D ẹyọ 2,000 lóòjọ́ fún bí ọdún márùn-ún, egungun wọn sì ń kán bíi ti àwọn tí kò lò ó. Àwọn arúgbó ilẹ̀ Faransé kò rí oòrùn, oúnjẹ wọn kò sì tó. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ní tó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ ilé jù wá láti Jos. Àwọn dókítà níbẹ̀ rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun, nínú oòrùn tí kò ní àbùkù. Oúnjẹ wọn ni kò ní kálísíọ̀mù, nǹkan bí mílígíráàmù 200 ni wọ́n ń rí lóòjọ́. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 1999 fi hàn pé kálísíọ̀mù, yálà òun nìkan tàbí òun àti fítámì D, wo àwọn ọmọ náà sàn ju fítámì D nìkan lọ. Àrùn ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti màmá. Ẹ̀kọ́ tí mo mú nínú rẹ̀ ni pé a ní láti mọ èyí tó ṣaláìní kí á tó dí i.

Iṣẹ́ kálísíọ̀mù àti fítámì D kò ju ti ibi ìkọ́lé lọ. Kálísíọ̀mù ni sìmẹ́ńtì, fítámì D ni alábàárù tó ń gbé e láti inú ìfun wọlé, ẹrù tí ara ń gbé ló sì ń sọ fún bíríkìlà ibi tí yóò kọ́. Bí sìmẹ́ńtì kò bá sí, iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó, kíkó àpò ọgọ́rùn-ún sí i kalẹ̀ kò ní mú kí ilé ga.

Wọ́n wá ṣírò oúnjẹ màmá. Lẹ́yìn ẹni ọdún 50, ìlànà àwọn onímọ̀ egungun ní Bìrìtéènì ni kí kálísíọ̀mù wà láàárín mílígíráàmù 700 sí 1,200 lóòjọ́. Agolo sadíìnì kan, tí a bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú egungun rẹ̀, ń fúnni ní bíi 350. Ife wàrà kan ń fúnni ní bíi 240. Búrẹ́dì funfun ní Bìrìtéènì ní kálísíọ̀mù nínú nípa òfin. Ẹja kéékèèké gbígbẹ tí a ń jẹ tegungun-tegungun dára púpọ̀. Ẹ̀bà, iyán àti ẹ̀kọ kò ní tó nǹkan. Tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀fọ́ irú rẹ̀ ní in, àmọ́ ohun kan wà nínú wọn tó ń di púpọ̀ nínú rẹ̀ mú, tí kì í jẹ́ kó wọ ara. Ọjọ́ tí màmá bá jẹ sadíìnì tó sì mu wàrà, ó ti tó tàbí ó kù díẹ̀. Ọjọ́ tó jẹ́ ẹ̀bà ní ọ̀sán, ẹ̀bà ní alẹ́, kò dé 400. Nítorí náà, wọ́n ní kó lo oògùn kan ṣoṣo péré, kó sì fi oúnjẹ tì í. Wọ́n tún fi àkọlé ara paali hàn án: kálísíọ̀mù kábónéètì mílígíráàmù 1,250, àmọ́ 500 péré ni kálísíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. Oògùn méjì-mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kò wúlò, ara kì í gbà ju bíi 500 tàbí 600 lọ dáadáa, èyí tó bá sì pọ̀ jù lè fa òkúta inú kíndìnrín.

Fítámì D ló wá kéré nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì yani lẹ́nu. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kẹta, oòrùn Bìrìtéènì kò lágbára tó láti mú kí awọ ara ṣe é. Awọ dúdú ń fẹ́ oòrùn púpọ̀ ju awọ funfun lọ, aṣọ sì ń bo ara. Ìjọba níbẹ̀ gba aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn kó máa lo ẹyọ 400 lóòjọ́ yípo ọdún. Wọ́n kọ ẹyọ 800 fún màmá nítorí egungun rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kó lò ó. Ní Australia, wọ́n fún àwọn àgbà obìnrin ní ẹyọ 500,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn tó lò ó wá ń ṣubú, egungun wọn sì ń kán, ju àwọn tí kò lò ó lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo irú ìwọ̀n ńlá bẹ́ẹ̀ lásán.

Ó ku ẹrù. Egungun ń dáhùn sí ohun tó wúwo tí kò tíì mọ́ ọn lára, ibi tí ẹrù náà bá sì bà nìkan ló ń le. Apá tí agbábọ́ọ̀lù tẹníìsì fi ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń ní egungun tó nípọn ju ìkejì lọ. Ìrìn lásán dára fún ọkàn, àmọ́ egungun ti mọ̀ ọ́n, kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan láti sọ fún un. Ìwẹ̀ odò kò gbé ẹrù lé egungun. Ní ìwádìí LIFTMOR ní Australia, àwọn obìnrin 101 tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, tí egungun wọn sì ti dín, ni wọ́n pín sí méjì. Apá kan ń gbé irin wíwúwo nílẹ̀, lórí èjìká àti sókè orí, wọ́n sì ń fò balẹ̀, ìlàjì wákàtí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lójú olùkọ́, fún oṣù mẹ́jọ. Egungun ẹ̀yìn wọn fi bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún ki sí i, ti àwọn yòókù tó ń ṣe eré ìdárayá fúyẹ́fúyẹ́ sì dín.

Màmá kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí T12 rẹ̀. Ohun tó léwu jù fún ẹ̀yìn tó ti rún ni kí ó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹrù. Iṣẹ́ ilé wa sì kún fún un: fífi ìgbálẹ̀ kúkúrú gbálẹ̀, fífọ aṣọ nínú bàsíà tó wà nílẹ̀, gbígbé ìkòkò láti ilẹ̀. Ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà ní eré ìdárayá ní kó ra ìgbálẹ̀ onígi gígùn, kó gbé bàsíà lé orí àga, kó sì máa kúnlẹ̀ dípò títẹ̀ ẹ̀yìn. Ìkúnlẹ̀ tí a fi ń kí àgbà kò ní wàhálà, bí ẹ̀yìn bá ti dúró ṣánṣán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, mẹ́wàá-mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó ń mú gálọ́ọ̀nù omi kékeré kan mọ́ àyà bó ṣe ń dìde. Ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì nígbà tí omi tíì bá ń hó, ọwọ́ kan nítòsí etí síǹkì. Ìdúró yẹn kò sọ egungun di líle, ó wà kó má baà ṣubú, egungun tí kò bá sì gbalẹ̀ kì í sábà kán.

Pẹ̀lú ọwọ́ tó kán àti egungun ẹ̀yìn tó rún, gbogbo èyí kò tó. Oògùn ni ó kàn. Aléńdirónéètì ni wọ́n kọ fún un, mílígíráàmù 70, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lọ́dún 1996, ìwádìí kan lórí àwọn obìnrin tí egungun ẹ̀yìn wọn ti rún rí i pé oògùn yìí dín bí ìbàdí àti egungun ẹ̀yìn wọn ṣe ń kán kù tó ìdajì. Bí a ṣe ń lò ó ló le. Láàárọ̀, kí a tó fi nǹkan kan kan ẹnu, pẹ̀lú ife omi lásán tó kún, kí a sì wà ní ìjókòó tàbí ìdúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí pé ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Bí tíì tàbí kálísíọ̀mù bá bá a wọlé, ara kò ní gbà á dáadáa.

Ọmọ màmá béèrè nípa abẹ́rẹ́ denosúmáàbù tí wọ́n ń gbà lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ó rò pé yóò rọrùn jù. Dókítà béèrè bóyá màmá máa ń lọ sílé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ní Ìjẹ̀bú. Ìdí nìyẹn tí kò fi kọ ọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yẹn pẹ́ kọjá bí oṣù méje, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í túká lójijì, egungun ẹ̀yìn mélòó kan sì lè rún léraléra. Aléńdirónéètì ṣeé kó sínú àpótí. Èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, sóledirónéètì, náà wà bí ọ̀fun màmá kò bá gba àkọ́kọ́.

Wọn yóò tún skáànù náà ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sì yẹ kó ṣáájú ọdún kan. Ẹ̀rọ kan náà ni kí wọ́n lò, torí pé ẹ̀rọ méjì kì í sábà sọ nọ́ńbà kan náà fún ara kan, àwọn egungun kan náà ni kí wọ́n sì kà, L1 títí dé L3. Ìyàtọ̀ tó bá kéré sí bíi 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lè jẹ́ bí màmá ṣe dùbúlẹ̀ lásán. Bí nọ́ńbà bá dúró síbi tó wà, oògùn ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣubú ní tòótọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kí wọ́n bi í bóyá omi lásán ló fi ń lo oògùn, àti ìṣẹ́jú mélòó ló ń kọjá kó tó mu tíì.